Kí ló dé tó jẹ́ 8000? Bí fóònù ṣe ń ka ohùn wa, àti bí ẹ ṣe lè dán an wò fúnra yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí, lápá Òkè-Àró. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa ń dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóhùn tí wọ́n bá pè, pé ẹ tẹ oókan kẹ́ ẹ gbọ́ iye tẹ́ ẹ ti dá, ẹ tẹ eéjì kẹ́ ẹ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Màmá akọ̀wé fúnra wọn ló ka ọ̀rọ̀ náà sínú máíkì, wọ́n kà á dáadáa, ohùn wọn dùn. Àmọ́ tí èèyàn bá pe nọ́ńbà yẹn, ohun tó máa gbọ́ ni súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í dákẹ́, tí wọ́n bá sì ti pe "s" báyìí, bíi "àsìkò" tàbí "sọ̀rọ̀", á dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Màmá ní, "Ẹnjiníà, ẹ wá gbọ́ ọ, ṣé ohùn tèmi rèé àbí ti àǹjọ̀nú?"

Wọ́n ti ra máíkì tuntun nítorí ẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà. Kò kúrò, torí máíkì kọ́ ló ń ṣe é. Ìṣírò kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣe fáìlì yẹn fò, ìṣírò náà ni mo sì fẹ́ mú yín gba inú ẹ̀ kọjá lónìí, nítorí òun náà ló sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù fi ń ka ohùn wa ní ìgbà 8000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, tí kì í ṣe 5000, tí kì í ṣe 6000. Tẹ́ ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù àti íápíìsì, ẹ máa lè ṣe gbogbo ẹ̀ tẹ̀lé mi. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ SoX ni mo lò, inú tẹ́mínà láptọ́ọ̀pù lẹ ti máa tẹ àwọn àṣẹ ẹ̀.

Kíkà ohùn, kí ni ìyẹn?

Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n. Máíkì á sọ gbígbọ̀n yẹn di iná mànàmáná tó ń lọ sókè sódò. Kí ohùn tó lè di nọ́ńbà, ẹ̀rọ á máa wo iná yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ bó ṣe ga tó sílẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún wò ó. Wíwò kan ni à ń pè ní sáńpù kan. Ohun tó wà láàárín sáńpù kan sí èkejì, ẹ̀rọ ò rí i rárá. Ìbéèrè wá ni pé báwo la ṣe máa wò ó léraléra tó tí nǹkan kan ò fi ní sọnù?

Harry Nyquist tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Bell ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó kọ ní 1928 lórí tẹ́lígíráàfù, Kotelnikov kọ tiẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní 1933, Claude Shannon wá là á yé gbogbo ayé ní 1949. Ohun tí òfin náà sọ rèé: tí ohun tó ń gbọ̀n kíákíá jù lọ nínú ohùn kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà B ní sẹ́kọ́ǹdù, iye ìgbà tẹ́ ẹ máa wò ó ní sẹ́kọ́ǹdù, tí wọ́n ń pè ní fs, gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì B lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè tún ohùn yẹn kọ́ padà láti inú nọ́ńbà yẹn bó ṣe wà gẹ́lẹ́, títí kan apá tẹ́ ẹ ò wò.

```
fs > 2 × B
```

Èmi náà ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo rò pé bí wọ́n bá ṣe ń wò ó tó ni yóò ṣe máa dára sí i láìlópin. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ìlọ́po méjì yẹn, àfikún ò fi nǹkan kan kún ohùn tó wà nísàlẹ̀ B mọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, aburú tó ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe pé ohùn máa dínkù lásán, ohùn máa PARADÀ ni. Ibi tó ṣe pàtàkì gan-an nìyí, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìlọta

Ẹ ronú sí kẹ̀kẹ́ ńlá tó wà lára ẹ̀rọ ìlọta, irú èyí tó wà lọ́jà Ọba tí wọ́n fi ń lọ ata. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibì kan lára ẹ̀. Ẹ wá gbà pé ẹ di ojú yín, ẹ kàn ń ṣí i fìrí, ẹ tún dì í. Tí kẹ̀kẹ́ yẹn bá ń yí díẹ̀díẹ̀, nígbà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ṣíjú ẹ máa rí i pé àmì ẹfun ti lọ síwájú díẹ̀, ẹ sì máa mọ bó ṣe ń sáré tó. Àmọ́ tó bá ń sáré débi pé láàárín ìṣíjú kan sí èkejì ó ti yí kọjá ìdajì òbìrípo, ojú yín á tàn yín. Tó bá yí 225 dígírì síwájú, kò yàtọ̀ lójú yín sí pé ó yí 135 dígírì sẹ́yìn, torí 360 yọ 225, ó ku 135. Ẹ máa búra pé ṣe ló ń padà sẹ́yìn, tí kò sì sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wo ohùn kan tó ń gbọ̀n ní 5000 Hz (ìyẹn ìgbà 5000 ní sẹ́kọ́ǹdù), tẹ́ ẹ sì ń wò ó ní ìgbà 8000, láàárín sáńpù kan sí èkejì ó ti yí 5000 nínú 8000 òbìrípo, ìyẹn 225 dígírì. Ohùn 3000 Hz ńkọ́? 3000 nínú 8000 jẹ́ 135 dígírì. Nọ́ńbà tó máa jáde fún àwọn méjèèjì bákan náà ni tó bá jẹ́ pé orí góńgó ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn lórí ìwé. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ tún ohùn yẹn kọ́ padà, 3000 ló máa kọ́. 5000 ti wọ ẹ̀wù 3000.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tí ohùn kan máa dà: tó bá wà láàárín 4000 sí 8000, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 8000. 6000 á di 2000, 7000 á di 1000. Tó bá ju 8000 lọ, tí kò tíì tó 12000, ẹ yọ 8000 kúrò nínú ẹ̀, 10000 á di 2000. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa tó lò ó.

Tó bá wá jẹ́ 4000 gan-an ńkọ́, ìdajì gééré? Ìdí tí òfin yẹn fi sọ pé "ju ìlọ́po méjì lọ" nìyẹn. Ní 4000, kẹ̀kẹ́ yí ìdajì òbìrípo gẹ́lẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ṣe kòńgẹ́ pé ẹ wò ó nígbà tó wà ní òdo, ẹ máa tún bá a ní òdo nígbà tó kàn, òdo, òdo, òdo, ẹ máa rò pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ orí góńgó lẹ ti bá a, ẹ máa gba gbogbo ẹ̀. Ohùn kan náà, èsì méjì.

Ẹ dán an wò

Ẹ ṣe ohùn 5000 Hz fún sẹ́kọ́ǹdù 3, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbà 48000, tó pọ̀ dáadáa:

```
sox -r 48000 -n -b 16 a5000.wav synth 3 sine 5000 gain -6
```

Ẹ wá mú sáńpù kan nínú mẹ́fà, ẹ da márùn-ún yòókù nù. 48000 pín sí mẹ́fà jẹ́ 8000. Àṣẹ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lò yìí kì í fi asẹ́ sẹ́ nǹkan kankan, ó kàn ń da nọ́ńbà nù ni:

```
sox a5000.wav parada.wav downsample 6
```

Ẹ ṣe 3000 gidi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ lè fi wéra:

```
sox -r 48000 -n -b 16 a3000.wav synth 3 sine 3000 gain -6
```

Ẹ ki íápíìsì bọ etí, ẹ gbọ́ a5000, ẹ gbọ́ parada, ẹ gbọ́ a3000. Parada ò ní jọ 5000 tó bí i rárá, 3000 ló máa jọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe eléyìí, ṣe ni mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí mo rò pé mo ti ṣi fáìlì gbọ́. Tí etí ò bá dá yín lójú, ẹ ya àwòrán ẹ̀, ìlà kan á hàn ní 3, ìyẹn 3000 Hz:

```
sox parada.wav -n spectrogram -o parada.png
```

Ẹ wá ṣe èyí tó tọ́:

```
sox a5000.wav -r 8000 mimo.wav
```

Àṣẹ yìí náà mú u wá sí 8000, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi asẹ́ yọ ohun tó bá ju 4000 lọ kúrò kó tó da nọ́ńbà nù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ mimo.wav, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan tó ṣe é gbọ́, àyàfi bóyá tá níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. 5000 ò lè wọ inú 8000, torí náà kó má wọ̀ ọ́ rárá ló dára, ju kó wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí irọ́.

Asẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, kíkà ló tẹ̀ lé e

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé kí omi tó bọ́ sínú ike ni èérún àgbàdo ti gbọ́dọ̀ dúró sórí asẹ́. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ sínú ike tó ti rò pọ̀ tán, asẹ́ yẹn ṣì lè yọ èérún, ọ̀rọ̀ ògì dára nìyẹn. Ti ohùn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tí 5000 bá ti di 3000, kò sí asẹ́ kankan láyé tó lè mọ èyí tó jẹ́ 3000 tòótọ́ àti èyí tó paradà. Ẹ bá sẹ́ ẹ, ẹ máa sẹ́ ohùn gidi dànù mọ́ ọn. Torí náà nínú ẹ̀rọ tẹlifóònù, asẹ́ wà ṣáájú ibi tí wọ́n ti ń ka ohùn, kì í wà lẹ́yìn.

Asẹ́ ti tẹlifóònù máa ń jẹ́ kí 300 Hz sí 3400 Hz kọjá. Láti ìgbà pípẹ́ tí wọ́n ti ń fi wáyà gbé ohùn lọ ni wọ́n ti rí i pé ìwọ̀n yìí ti tó kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, kó sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi òfin wa sí i: ìlọ́po méjì 3400 jẹ́ 6800. Ó yẹ ká lè kà á ní 6800 àti díẹ̀ nígbà náà, kí ló wá gbé e dé 8000?

Nítorí pé kò sí asẹ́ tó ń gé nǹkan gérégé bí ọ̀bẹ ni. Asẹ́ tí wọ́n fi wáyà àti kapásítọ̀ ṣe máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni, ó máa gba 3400 wọlé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í dí 3500 díẹ̀, á dí 4000 jù bẹ́ẹ̀, kó tó wá pa ọ̀nà dé pátápátá. Tẹ́ ẹ bá kà á ní 6800, 3500 tó bá yọ́ wọlé á di 3300, ó ti bọ́ sáàárín ohùn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kà á ní 8000, ẹ yọ 3400 kúrò nínú 8000, ó ku 4600. Ìyẹn ni pé ohun tó bá yọ́ wọlé láàárín 4000 sí 4600, orí 3400 sí 4000 ló máa já lé, ibẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ òfìfo tí ẹnikẹ́ni ò lò, asẹ́ kejì tó wà lápá ẹni tó ń gbọ́ á gbá a dànù. Láti 4600 sókè ló tó di ewu. Asẹ́ wá ní àyè 1200 Hz, láti 3400 sí 4600, tó fi máa rọ̀ wálẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn, àyè kí asẹ́ lè mí. Yàtọ̀ síyẹn, kí díjítà tó dé, 4000 Hz ni wọ́n ti ń fún ohùn kọ̀ọ̀kan lórí wáyà tó ń gbé ohùn púpọ̀ pọ̀, ìlọ́po méjì 4000 sì jẹ́ 8000, ó bá ara mu.

Ohun tó kù ò gùn. 8000 ní sẹ́kọ́ǹdù túmọ̀ sí wíwò kan ní 125 nínú mílíọ̀nù kan sẹ́kọ́ǹdù. Wọ́n ń kọ sáńpù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú bíìtì 8, 8000 lọ́nà 8 jẹ́ 64000 bíìtì, ìyẹn ìlànà tẹlifóònù tó ń jẹ́ G.711, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1972. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí àwọn oníṣẹ́ wáyà ń sọ E1, ìyẹn láìnì tó ń gbé ìpè púpọ̀ pọ̀, 32 irú ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, 2048 kbit/s. GSM tó wà lọ́wọ́ wa máa ń fún bíìtì yẹn mọ́lẹ̀ kó dín kù gan-an, ó máa ń kó sáńpù 160 jọ fún ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdù kó tó fún un, àmọ́ ẹ ṣe ìṣírò ẹ̀, 160 lọ́nà 50, 8000 náà ni. Bíìtì ló ń dínkù, iye ìgbà tí wọ́n ń wò ó ò yí padà.

Àmì ohùn Yorùbá ńkọ́?

Ẹnì kan máa bi mí, mo mọ̀, torí èmi náà bi olùkọ́ mi. Ohùn ọkùnrin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí 100 Hz sí 150 Hz, ti obìnrin lè máa lọ sí 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀, gbígbọ̀n yẹn náà la sì fi ń mọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Asẹ́ tẹlifóònù sì ń gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 300. Báwo la ṣe wá ń gbọ́ "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" lórí fóònù, tí wọn ò da ara wọn rú?

Ìdí ni pé ohùn tó ń gbọ̀n ní 100 kì í gbọ̀n ní 100 nìkan. Ó máa ń kó ọmọ lẹ́yìn, 200, 300, 400, 500, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Asẹ́ gé ìyá dànù, ó gé ọmọ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ṣì ń tò tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú àlàfo 100. Tí ohùn bá gòkè sí 130, àlàfo á di 130, 390, 520, 650. Etí wa kì í dúró de ìyá, àlàfo yẹn ló ń kà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sínú máíkì ní 48000, ẹ pè é ní ohun.wav, kẹ́ ẹ wá ṣe báyìí:

```
sox ohun.wav fonu.wav sinc 300-3400
```

Ohùn yín á tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti fóònù, ṣùgbọ́n àmì ohùn á wà níbẹ̀ pérépéré. Inú mi máa ń dùn sí eléyìí ní gbogbo ìgbà. Èdè wa yè é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ro ti wa mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣètò 300 yẹn.

Padà sí ọ̀rọ̀ Màmá akọ̀wé

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe wá a rí, torí ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín. Mo kọ́kọ́ bèèrè fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó sì ṣì wà lórí fóònù ọmọkùnrin tó bá wọn ṣe é. Mo wo iye sáńpù ẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdù kan, àti ti èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn:

```
soxi -r kiko.wav
soxi -r lori_ero.wav
```

Èkíní jẹ́ 48000, èkejì 8000. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Asterisk, ètò tí wọ́n fi ń dá ìpè lóhùn, fẹ́ 8000. Mo gbọ́ èkíní, kò sí súfèé tó ń yọni lẹ́nu. Mo ya àwòrán àwọn méjèèjì. Lórí ti 48000, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní nǹkan bí 10000 Hz. Ìnfátà wọn ni, ó wà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ń ké wíníwíní, ó wà lókè tóbẹ́ẹ̀ tí Màmá ò fi gbọ́ ọ. Lórí ti 8000, ìlà yẹn náà rèé, tààrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2000. 10000 yọ 8000. Ẹ rántí ìṣírò tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan? Súfèé yẹn nìyẹn, 2000 sì jẹ́ ibi tí etí èèyàn ti ń gbọ́ dáadáa gan-an.

"S" náà hàn kedere. Lórí ti 48000, ibikíbi tí Màmá bá ti pe "s", àwọ̀ á pọ̀ láti nǹkan bí 4500 lọ sókè, ìsàlẹ̀ á mọ́. Lórí ti 8000, àwọ̀ yẹn ti wó lulẹ̀, ó ti tàn ká inú 1000, 2000, 3000, ibi tí fáwẹ̀lì ń gbé. Ìkòkò tí wọ́n ń ha nìyẹn.

Mo wá ní kí ọmọkùnrin náà fi ohun tó fi ṣe é hàn mí. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ kóòdù kọ, ó ti mọ̀ pé 48000 sí 8000 jẹ́ mẹ́fà, ó kọ ìlà kan péré:

```python
y = x[::6]
```

Mú ọ̀kan nínú mẹ́fà. Kò sí asẹ́. Ohun kan náà tá a ṣe pẹ̀lú downsample lẹ́ẹ̀kan, tá a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Mi ò bá a wí, torí lórí fáìlì tí kò ní nǹkan kan lókè 4000, ìlà yẹn á ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, ó sì lè ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà tí kò ní rí i. A jọ jókòó, a fi èyí rọ́pò ẹ̀, láti orí fáìlì 48000:

```
sox kiko.wav -r 8000 -c 1 -b 16 lori_ero.wav
```

Ẹ kíyè sí i pé orí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ la ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n ti pa á rẹ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí Màmá tún ọ̀rọ̀ yẹn kà lọ. Àwọn kan á fẹ́ mú 8000 tó ti bàjẹ́, kí wọ́n gbé e padà sí 48000, wọ́n á ní ó ti dára sí i. Nọ́ńbà ló pọ̀ sí i yẹn, irọ́ tó wà nínú ẹ̀ ò kúrò. Mo sì ní kí wọ́n gbé ìnfátà kúrò lábẹ́ tábìlì nígbà míì tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn ò ṣòro.

Màmá fi fóònù wọn pe nọ́ńbà yẹn lójú mi. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n tún un pè. Wọ́n ní, "Èmi rèé wàyí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó dára jù tí mo ti gbọ́ lọ́dún yìí: wọ́n ní "s" tí àwọn pè, súfèé ẹ̀ ti lọ o, ṣùgbọ́n ó jọ pé "s" fúnra ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí 8000 ò lè ṣe nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú "s" wà lókè 4000, asẹ́ sì ti mú un lọ, ohun tó kù jọ "f" gan-an. Ẹ pe ẹnì kan lórí fóònù, ẹ sọ pé "mo fẹ́ ẹ," kẹ́ ẹ sọ pé "mo sẹ́ ẹ," láìfi ọ̀rọ̀ míì yí i ká, kẹ́ ẹ wo bóyá ó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nínú gbólóhùn, a máa ń fi ọpọlọ dí àlàfo yẹn, ìdí nìyẹn tá ò fi máa ń kíyè sí i. Tó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí lẹ́tà lásán, ibẹ̀ la ti ń ní kí wọ́n tún un sọ. "Ṣ" ò fi bẹ́ẹ̀ jìyà, torí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí "s."

Kẹ́ ẹ tó lè gbọ́ "s" dáadáa, asẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí sí 7000, òfin kan náà ló sì máa sọ iye tẹ́ ẹ máa kà: ìlọ́po méjì 7000 jẹ́ 14000, ẹ fún asẹ́ láyè díẹ̀, ó di 16000. Bí ìlànà míì tó ń jẹ́ G.722 ṣe ṣe é ní 1988 nìyẹn, ìpè VoLTE tí ohùn ẹ̀ máa ń mọ́ gaara lórí 4G sì ń ka 16000 bákan náà. Àmọ́ gbogbo ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ 16000, láti fóònù yín títí dé ti ẹnìkejì. Tí ibì kan ṣoṣo láàárín bá mú un wá sí 8000, 8000 lẹ máa gbọ́.

Láìnì ẹgbẹ́ wọn ṣì wà lórí 8000, nítorí náà mo tún ọ̀rọ̀ Màmá kọ díẹ̀, ibi tí ìyàtọ̀ "s" àti "f" bá ti lè ṣi èèyàn lọ́nà, mo fi ọ̀rọ̀ míì sí i. Mo wá kó gbogbo fáìlì 48000 wọn sínú fláàṣì kan, mo kọ "ẹ má pa èyí rẹ́" sára ẹ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Màmá. Ọjọ́ tí láìnì wọn bá di 16000, àṣẹ kan náà la máa lò, nọ́ńbà ẹ̀ nìkan la máa yí padà.